Ìró Tí Wọn Ò Fi Àlùmọ́gàjí Kàn

Ọmọbìnrin kẹsàn-án tó jáde níbi ìfihàn aṣọ kan ló mú mi gbé kálàmù mi sílẹ̀. Ó ti rìn dé ìdajì ojú ìrìn kí ojú rẹ̀ tó bá ti màmá àgbà kan tó jókòó níwájú. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó ṣe é. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú màmá, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì balẹ̀. Mo dì mọ́ àga mi nítorí mo ti retí pé ibì kan á ya lára aṣọ náà. Ńṣe ni ojú ìró tó ṣẹ́ léra wọn níwájú là díẹ̀, tó yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìró gidi ṣe máa ń yọ̀, tó fún orúnkún láyè. Nígbà tó dìde, aṣọ náà padà sípò fúnra rẹ̀, ìbàdí kò yẹ̀, ìṣẹ́tí kò ká sókè. Kí ọmọ náà tó lọ, màmá na ọwọ́, ó di etí ìṣẹ́tí náà mú láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, ó fi ọwọ́ pa á bí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan lọ́jà. Ó ní, "Ta ló hun ún?"

Ọmọ náà kò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Sátidé kan nígbà ọyẹ́ ni, nínú gbọ̀ngàn kan nílùú Ọ̀yọ́ níbí. Aránṣọ tó kó aṣọ náà jáde kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ìlú yìí ló ti kọ́ṣẹ́, ìlú yìí ló sì ti ń ránṣọ, àmọ́ ó bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun, kí àwọn èèyàn fi wo aṣọ. Mo gbà fún un. Aṣọ 18 ló kó jáde, òfì ni gbogbo wọn. Ìwé pélébé tí wọ́n pín lẹ́nu ọ̀nà sọ pé ó fẹ́ mú ohun tí àwa ń ró, tí a ń wé, tí a ń fi kọ́ èjìká, kó fi ọgbọ́n ìrán kóòtù tún un ṣe. Mo ti rí irú ìlérí yẹn rí, lọ́pọ̀ ìgbà sì rèé, kóòtù òyìnbó lásán tí wọ́n fi aṣọ ìbílẹ̀ rán ni a máa ń bá nídìí ẹ̀. Èmi náà ń ránṣọ, ó ti lé ní ogún ọdún báyìí, torí náà ojú ìrán ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, kí n tó wo ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbé lọ́kàn lọ. Ìró kò ní ìwọ̀n. Aṣọ kan náà tí obìnrin ró nígbà tó wà ní omidan ni yóò ró nígbà tó lóyún oṣù mẹ́jọ, òun náà ni yóò ró lẹ́yìn tó bí ọmọ mẹ́rin. Ọwọ́ ni télọ̀ rẹ̀. Màmá mi àgbà máa ń tú ìró wọn ró ní ìgbà mélòó kan lójúmọ́: wọn á tú u ró kí wọ́n tó lọ sọ́jà, wọn á dẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, wọn á fà á le bí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹrù. Ohun tí ìrán kóòtù ń ṣe ni pé ó gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ọwọ́, ó sì gbé e fún ojú ìrán. Ojú ìrán á ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní tún un ṣe mọ́. Ìbéèrè tèmi kò ju ọ̀kan lọ: nígbà tí ojú ìrán gba iṣẹ́ náà, kí ló fi ṣòfò?

Aṣọ kẹta tó jáde lálẹ́ ọjọ́ náà fi púpọ̀ ṣòfò. Àlààrì ni, pupa rẹ̀ ń wọni lójú, ó sì dúró dáadáa bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá dúró. Aránṣọ pa á dé bí síkẹ́ẹ̀tì, ó fi síìpù sẹ́yìn, ó sì fi dáàtì mẹ́rin, ibi tí a ti ká aṣọ sínú tí a sì rán an pa, mú ìbàdí. Nígbà tí ọmọ tó wọ̀ ọ́ ń bọ̀, mo rí i pé ìdajì ìgbésẹ̀ ló lè gbé. Nígbà tí òun náà fẹ́ kí àwọn àgbà, ó kàn tẹ orúnkún díẹ̀ ni, torí aṣọ kò gbà á láyè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́yọ̀ọ́ níbí, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Obìnrin tó wọ aṣọ olówó ńlá lọ sóde, tí kò lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀ rẹ̀ délé. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Dáàtì kò wo ibi tí ọ̀já òfì ti pàdé ara wọn, ó kàn gba àárín wọn kọjá, àwọn ìlà inú aṣọ wá forí gbárí lẹ́yìn ìdí, wọ́n ń lọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹni tó bá mọ òfì yóò rí i láti òpin gbọ̀ngàn.

Bí aránṣọ kan náà ṣe rán ti kẹta yẹn, tó tún wá rán ti kẹsàn-án, kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán. Mo ní, "Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ìró kẹsàn-án yẹn sódì fún mi." Kò jiyàn. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, inú sí ìta.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Kò sí dáàtì kankan níbẹ̀, kò sì sí ibi tí àlùmọ́gàjí ti gba àárín òfì kọjá. Gbogbo ohun tó mú ìbàdí náà wà ní ibi tí ọ̀já kan ti pàdé èkejì.

Àwa tó mọ òfì mọ̀ pé kì í wá ní fífẹ̀ bí àǹkárá. Ahunṣọ ń hun ún ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, a wá ń gé ọ̀já náà sí gígùn tí a fẹ́, a ń rán wọn mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi di aṣọ. Ọ̀já tí ó lò fẹ̀ tó ínṣì 4. Ó dá wọn dúró lóòró, láti ìbàdí sísàlẹ̀. Nígbà tó ń so wọ́n pọ̀, ìdá mẹ́rin ínṣì wọnú ojú ìrán ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó wá ku ínṣì 3½ tó hàn síta. Ọmọ tó wọ̀ ọ́ jẹ́ ínṣì 40 ní ìdí, ínṣì 29 ní ìbàdí. Ó fi ínṣì 2 kún ti ìdí kó lè mí, ó di 42. Ọ̀já 12 ló bo ìyẹn gẹ́lẹ́. Ó fi ínṣì 1 kún ti ìbàdí, ó di 30. Ìyàtọ̀ 42 sí 30 jẹ́ 12, ojú ìsopọ̀ tó sì yí ara po náà jẹ́ 12. Ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan wá gba ínṣì 1 péré sínú lókè, ìlàjì ínṣì lára ọ̀já tọ̀tún, ìlàjì lára tòsì. Ó bẹ̀rẹ̀ látòkè, ó ń tín-ínrín bọ̀ nísàlẹ̀, títí tó fi kú pátápátá ní ínṣì 8 sí ìbàdí, níbi tí ìdí ti tóbi jù.

Ẹ gbìyànjú kí ẹ rí i: ọ̀já kọ̀ọ̀kan wá tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, ó ń fẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀, bí imọ̀ ọ̀pẹ tí a tò yí igbá ká. Ìlà inú òfì kò kọlu ara wọn níbì kankan, torí gbogbo wọn ló jọ ń tín-ínrín ní ìwọ̀n kan náà. Ohun tí ó pọ̀ jù kò sì lọ síbì kankan, inú ló wà, ó kàn ká a síbẹ̀ ni. Bí ọmọ náà bá sanra lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ tú ojú ìsopọ̀ mẹ́fà, ẹ dá ìdá mẹ́rin ínṣì padà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ti rí ínṣì 3 gbà. Aṣọ náà ṣì lè tẹ̀lé ara lọ bí ìró ṣe ń tẹ̀lé e.

Ọ̀já mẹ́rin ló tún fi lé e fún ojú tó ṣẹ́ léra wọn níwájú, gbogbo rẹ̀ di 16. Òun náà ló jẹ́ kí ó ṣeé kúnlẹ̀. Nísàlẹ̀, ojú ìró náà fi ínṣì 14 bo ara wọn. Lókè, lẹ́yìn tí ìsopọ̀ mẹ́ta tó kù ti gba tiwọn, ó fi 11 bo ara wọn. Kò fi síìpù sí i. Okùn aláṣọ méjì ló fi sínú ìgbànú, ọ̀kan ń gba ojú ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá bọ́ síta, èkejì ń so nínú, bí àwọn ìyá wa ṣe ń so okùn tòbí. Húùkù mẹ́ta wà lórí rẹ̀ tó mú un dúró gbọn-in. Ẹni tó bá jẹun yó lè tú húùkù kan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi ṣe ti kẹta bẹ́ẹ̀. Ó ní ti kẹta ló kọ́kọ́ rán nínú gbogbo wọn, òun ò tíì mọ̀ nígbà náà. Ó ní ìgbà tí òun rí i lára ènìyàn ni òun tó padà sẹ́nu ọ̀já. N ò lè bá a wí lórí ìyẹn. Àmọ́ mo sọ fún un pé ì bá ti fi ti kẹta sílẹ̀ nílé.

Ìdí wà tí mo fi ń yọ̀ sí aṣọ tí wọn ò gé. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, obìnrin kan gbé sányán ìyá rẹ̀ wá fún mi pé kí n fi rán kóòtù fún òun. Sányán gidi ni, èyí tí wọ́n fi okùn kòkòrò inú igbó ran, tó ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí erùpẹ̀ ọyẹ́. Mo gé ihò apá, ó rí rogodo bí ìwé ìgéṣọ ṣe wí, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo padà dé, etí ihò náà ti tú tó ìlàjì ínṣì. Òwú tí ọ̀kọ̀ ahunṣọ gbé kọjá níbùú kò ní ohun tó dì í mú mọ́, torí etí ọ̀já tó ń mú un ti lọ. Bí mo ṣe ń fọwọ́ kàn án ló ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rán kóòtù náà, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ fún, ẹni tó ni ín kò sì wọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Sányán ni baba aṣọ, wọ́n ti ń kì í bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ó ṣì ń dùn mí.

Láti ìgbà náà, ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni pé etí ọ̀já ni agbára òfì. Ibi tí ọ̀kọ̀ ti yí padà ni òwú ti so ara rẹ̀. Bí o bá gbà á kọjá pẹ̀lú àlùmọ́gàjí, o ti tú ìdè yẹn nìyẹn, ìwọ ni wàá wá ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí à ń fi rọ́pò rẹ̀ lóde òní ni gọ́ọ̀mùsitéè, aṣọ ẹlẹ́ẹ̀mọ́ tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn òfì kí a tó gé e. Ó ń ṣiṣẹ́. Kóòtù márùn-ún ló wà nínú àwọn aṣọ 18 náà, gọ́ọ̀mùsitéè ló sì gbé púpọ̀ nínú wọn dúró. Mẹ́ta dára. Méjì kò dára, ohun tó bà wọ́n jẹ́ sì yé mi bí ẹni pé èmi ni mo rán wọn. Òwú dídán pọ̀ nínú òfì méjèèjì náà. Òwú dídán kò fẹ́ràn iná; bí áyọ́ọ̀nù bá gbóná jù, ó máa ń sunkì, á wá rọ. Ẹ̀rù iná yìí ló ń mú kí télọ̀ dín in kù, tí ẹ̀ẹ̀mọ́ inú gọ́ọ̀mùsitéè kò sì ní yọ́ tán. Lórí tábìlì, ẹ ò ní mọ̀. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ká apá kò, tó dúró sábẹ́ iná, ẹ ó rí i tí ojú aṣọ wú ní kéékèèké bí ìléròrò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí ní àyà kóòtù tó jáde ní ipò kejìlá. Ọ̀nà àbáyọ kan tí mo mọ̀ ni kí a gé èékún òfì náà kan, kí a dán iná wò lára rẹ̀, kí a da aṣọ òwú tútù bò ó kí a tó tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn, kí a má fà á, ká kàn tẹ̀ ẹ́ ká gbé e. Lẹ́yìn tó bá tutù, kí a ká a mọ́ ìka. Bó bá hunjọ, kò tíì mú nìyẹn.

Nínú mẹ́ta tó dára, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ wò pẹ̀lú mi. Ẹtù ni, dúdú-aró pẹ̀lú ìlà funfun tín-ín-rín tí ẹ ò ní rí àfi bí ẹ bá súnmọ́ ọn. Bùbá ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bùbá kò ní ihò apá rogodo. Ara rẹ̀ gún, apá rẹ̀ gún, wọ́n kàn so pọ̀ lábẹ́ èjìká ni. Àwọn tó ń rán kóòtù máa ń kọ́kọ́ gé ìyẹn dànù, wọ́n á fi apá òyìnbó rọ́pò rẹ̀. Èyí fi í sílẹ̀. Ara aṣọ náà gún láìsí ihò apá, ó fi aṣọ líle tí à ń pè ní kánfáàsì sábẹ́ ọrùn àti òkè èjìká nìkan, ó ṣe kọ́là tó dúró bí ìka mẹ́ta, ó sì jẹ́ kí ìyókù rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe fẹ́. Látọ̀nà jíjìn ó dúró bíi kóòtù. Bí ọmọ náà ṣe gbé apá sókè, bùbá ni. Ìlà ẹtù gba orí èjìká kọjá lọ sí apá láìdá. Bí ẹ bá ti gbìyànjú rẹ̀ rí, ẹ ó mọ̀ pé ìwọ̀nba kánfáàsì yẹn ló le jù níbẹ̀, torí bó bá fi ínṣì kan kọjá ibi tí egungun èjìká parí sí, aṣọ á dúró síta bí ìyẹ́ adìẹ. Ó dá a dúró ní ibi tó yẹ.

Gèlè àti fìlà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó fi aṣọ líle sínú gèlè, ó rán an tán bí fìlà, ẹ ó kàn gbé e lé orí. Lójú pópó wa níbí a ti ń ra irú ẹ̀ tipẹ́.

Ìborùn ni mo bínú sí. Lára aṣọ mẹ́fà, ó mú ìborùn, ó rán an wọnú ojú ìrán èjìká, ó fi ọ̀pá bóònù sí i lẹ́yìn kó lè dúró gangan bí ìyẹ́ ẹyẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ò pàtẹ́wọ́. Ìborùn kì í ṣe nǹkan orí èjìká nìkan. Bí obìnrin bá dé ibi tí iṣẹ́ wà, ó máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ kúrò ní èjìká, á fi gba ìbàdí, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé ó ti ṣetán. Bí òtútù bá mú, á da á bo ara. Bí ọmọ bá sùn, á fi bò ó. Aṣọ tí ó ń rìn ni, láti èjìká bọ́ sí ìbàdí, láti ìbàdí bọ́ sórí ọmọ. Bí a bá rán an mọ́ èjìká, a ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, kí a má pè é ní ìborùn mọ́. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó dákẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bọ́tìnnì méjì lábẹ́ kọ́là ńkọ́?" Mo ní bọ́tìnnì méjì á ṣe é.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí, kò sì sọ pé òun ni. Ní ọdún 1960 ni Ṣadé Thomas-Fahm, tó ti lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ l'Ékòó, òun ló sì sọ ìró di síkẹ́ẹ̀tì onísíìpù, tó tún ń ta gèlè tí a ti wé sílẹ̀. Mo máa ń ronú nípa àwọn obìnrin tó rà á nígbà yẹn, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, tó ń sáré wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀. Síìpù gbà wọ́n lọ́wọ́ ìró tó ń tú lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ síìpù ní ìwọ̀n kan ṣoṣo: bí ara bá ti kọjá ibẹ̀, ó parí. Ní tiwa yìí, ní oṣù kejì ọdún 2020, Kenneth Ize fi òfì rán kóòtù àti ṣòkòtò tó gún régé, ó sì kó o lọ sí Páríìsì. Mo rí àwòrán rẹ̀, mo sì fẹ́ràn bó ṣe jẹ́ kí ìlà òfì hàn kedere. Ohun tí ìró kẹsàn-án yìí fi kún un lójú mi ni pé ó wá ìdáhùn rẹ̀ nínú ọ̀já fúnra rẹ̀, kò ya á lọ́wọ́ kóòtù. Dáàtì ń béèrè pé, níbo ni mo ti máa pa aṣọ yìí pọ̀? Òfì ti ní ibi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a ti lè pa á pọ̀ kí télọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó ní ibi tí ó kù sí o. Ojú ìsopọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí òfì ṣẹ́ léra lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ń wúwo lábẹ́ ìgbànú. Mo fi ìka gba inú rẹ̀ kọjá, ó ga ní ibi kọ̀ọ̀kan bí ìlà egungun ìhà. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 18 tí wọ́n fi ń rán jíìnsì ló lò, síbẹ̀ ó ní mẹ́ta ti ṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ nídìí ìgbànú nìkan. Ohun tó ṣe ni pé ó fi aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe inú ìgbànú dípò òfì, ó sì fi igi kan ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan títí ó fi tẹ́. Òfì ẹlẹ́wà ni ó, àmọ́ ẹni tó bá wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ di alẹ́ níbi ìgbéyàwó á mọ̀ pé òun wọ nǹkan.

Ìkejì ni pé ìṣirò 12 sí 12 yẹn bọ́ sí i fún ọmọ tí ìbàdí rẹ̀ kéré sí ìdí rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti bímọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ìbàdí bá jẹ́ 40, tí ìdí jẹ́ 46, ínṣì mélòó kan péré ló kù láti gbà sínú, bí ẹ bá sì pín in sí gbogbo ojú ìsopọ̀, tiwájú á máa fún ikùn pọ̀. Mo sọ fún un pé ẹ̀yìn nìkan ni kó ti gbà á, kó jẹ́ kí ọ̀já iwájú wá gbọọrọ láìtín-ínrín. Ó gbé téèpù, ó fi wọn èmi fúnra mi níbẹ̀. Ìsopọ̀ márùn-ún tó wà lẹ́yìn ló gba gbogbo rẹ̀. A fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára òfì ògbólógbòó kan, a fi abẹ́rẹ́ ìgúnṣọ dè é mọ́ mi lára, mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó là, ó padà.

Gígùn ìró náà jẹ́ ínṣì 38, pẹ̀lú 2 fún ìṣẹ́tí. Ẹ fi 40 lọ́nà 16 ṣe ìṣirò, ọ̀já òfì tó wọ inú aṣọ kan yẹn dín díẹ̀ ní ọ̀pá 18. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó jókòó sídìí òfì, tó ń ju ọ̀kọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì. Mo tún yẹ ìwé pélébé ọjọ́ Sátidé wò. Orúkọ ẹni tó kun ojú àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó gbé iná wá wà níbẹ̀. Orúkọ ahunṣọ kò sí.

Mo wá bi í ní ohun tí màmá àgbà bi ọmọ yẹn. Ó ní bàbá kan ní Ìṣẹ́yìn ni. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ ṣàlàyé fún bàbá pé òun máa gba ọ̀já sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní kí òun dúró ná. Wọ́n ní bí òun bá gbà á bẹ́ẹ̀, òun máa jẹ iṣẹ́ ọnà tí wọ́n hun sí etí. Wọ́n ta òwú mìíràn sórí òfì: wọ́n yọ ọnà kúrò ní ìlàjì ínṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n fi òwú dúdú lásán síbẹ̀, wọ́n sì tò ó sún mọ́ra ju ti àárín lọ kí ojú ìrán lè rí nǹkan dì mú. Ohun tí mo rò pé télọ̀ ló ronú rẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti wà lórí òfì kí ó tó délé.

Mo yí aṣọ náà padà síta, mo wá etí yẹn. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, nísàlẹ̀ níbi tí ìsopọ̀ kò ti gba nǹkan púpọ̀ sínú: okùn dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín ọ̀já méjì, ní gbogbo àyíká ìró náà. Ní ibi tí màmá ti fi ìka méjì dì í mú gan-an ni.

Mo ní kó kọ orúkọ bàbá náà fún mi kí n fi sínú ohun tí mò ń kọ yìí. Ó pè wọ́n lórí fóònù lójú mi. Wọ́n ní rárá, kí ó kọ́kọ́ wá san ìyókù owó òwú.